Ìwé Tí Mo Ní Kí Ọmọ Iṣẹ́ Mi Má Kọ Mọ́

Mo ti jẹ́rìí ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni mo sọ níbẹ̀. Mo ní Ọlọ́run bá mi ṣí àkáńtì mi tí báńkì tì pa, gbogbo ìjọ sì pariwo Halelúyà. Mi ò sọ fún wọn pé irọ́ tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ nílẹ̀. Mi ò sì sọ pé ìwé kan tí ọmọ iṣẹ́ mi ń kọ, tí mo ti bá a wí lé lórí, ni wọ́n fi gbà mí gbọ́. Ìdajì tó kù yẹn ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwa tí à ń ṣe pí-ó-ẹ́sì ló ń gba ọ̀nà tí mo gbà.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ọ̀wẹnà, lẹ́bàá títì tó ti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, níbi tí àwọn ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ti máa ń gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sókè kí àwọn awakọ̀ lè rí i. Bí kòkó bá ti ń jáde, owó máa ń rìn níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ kó rìn ní ìlú tó mọ níwọ̀n lọ. Àwọn tó ń ra kòkó kiri oko Ìdànrè ń fẹ́ owó sí ọwọ́, nítorí àgbẹ̀ tó wà nínú oko kò fẹ́ gbọ́ pé àlẹ́ẹ̀tì ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń gba owó náà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ọkùnrin kan wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀. Ó ní òun fẹ́ ₦280,000, òun ń lọ ra kòkó. Mo mọ òfin. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti kọ̀wé pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ lójúmọ́ lọ́dọ̀ àwa aṣojú báńkì, àti pé gbogbo owó tí aṣojú kan bá san jáde lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju ₦1,200,000 lọ. Ẹ̀rọ mi ò ní gbà á lẹ́ẹ̀kan. Mo bá na ọwọ́ sí páálí tí mo kọ nọ́ńbà àkáńtì ti ara mi sí, tí mo ti gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù fún ọdún méjì. Àkáńtì yẹn kì í ka iye tí mo san. Mo ní kó tiransifá síbẹ̀.

Àlẹ́ẹ̀tì wọlé. Orúkọ obìnrin ló wà lórí rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ni. Mo rí i pé kò jókòó, mo rí i pé ojú títì ló ń wò ju ojú mi lọ. Mo ka owó fún un síbẹ̀. ₦100 ni mò ń gbà lórí ₦5,000 kọ̀ọ̀kan, èyí jẹ́ ₦5,600, mo yọ ọ́, mo sì ka ₦274,400 sí i lọ́wọ́. Nítorí ₦5,600 ni mo ṣe di ojú mi.

Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wà nídìí tábìlì. Ó ní kí ọkùnrin náà dúró díẹ̀, kó sọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi fóònù ṣọ́ọ̀bù fíláàṣì nọ́ńbà náà títí ó fi dún nínú àpò ọkùnrin yẹn. Lẹ́yìn náà ló kọ aago, iye owó àti orúkọ tó wà lórí àlẹ́ẹ̀tì sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, mo bá a wí. Mo ní ṣé ó fẹ́ lé oníbàárà mi lọ ni, ìwé wo ló ń kọ bí akọ̀wé kóòtù. Mo ní kó má ṣe kọ ọ́ mọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí mi," ó sì ti ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kí n lè ra owó sílẹ̀ fún iṣẹ́, áàpù kọ̀. Mo pe báńkì, wọ́n ní kí n wá sí ẹ̀ka tó wà nítòsí mi. Níbẹ̀ ni ọ̀gá kan ti yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi, mo sì rí `Post No Debit` níwájú orúkọ mi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé owó lè wọlé, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kan ò lè jáde. ₦612,000 ló wà nínú àkáńtì náà. ₦350,000 nínú rẹ̀ kì í ṣe tèmi, owó àjọ àwọn ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ni, èmi ni mò ń kó o, Kérésìmesì ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé wọ́n jí fóònù obìnrin kan ní ìlú mìíràn, wọ́n kó owó inú àkáńtì rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi sì ni ₦280,000 nínú owó náà balẹ̀ sí. Obìnrin náà fi ẹjọ́ sun báńkì tirẹ̀, báńkì tirẹ̀ kọ̀wé sí tèmi. Ohun tí wọ́n fura sí ni pé mo wà lára àwọn olè náà, pé mo yá wọn ní àkáńtì.

Ẹ̀rù bà mí, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣe àṣìṣe tó tóbi jù. Mo rò pé bí mo bá sọ pé pí-ó-ẹ́sì ni mo fi àkáńtì ara mi ṣe, tí mo sì san ju ₦100,000 lọ, wọn yóò gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi. Bàbá mi ní oko kòkó. Mo bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá pé kòkó ni mo tà fún ọkùnrin náà, pé owó kòkó ni ₦280,000. Mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ pásítọ̀ wa pé ọmọlúàbí ni mí, mo ya àwòrán ṣọ́ọ̀bù àti ti àlẹ́ẹ̀tì ojú fóònù mi, mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá wọ́n pè mí. Ọ̀gá tó ń ṣèwádìí, àgbà ọkùnrin tó fara balẹ̀, bi mí pé kílò mélòó ni kòkó náà. Ó bi mí pé orí ìwọ̀n ta ni a gbé e sí, ta ló ru ú sínú ọkọ̀, ìwé ìsanwó rẹ̀ dà. Ó bi mí pé kí ló dé tí oníkòkó fi ta kòkó láàárọ̀ ọjọ́ tí gbogbo owó mìíràn tó wọ àkáńtì rẹ̀ jẹ́ ₦5,000, ₦10,000, ₦20,000, bí ti ẹni tó ń ṣe pí-ó-ẹ́sì. Mi ò ní èsì. Ó wá mú lẹ́tà pásítọ̀, ó rọra tì í padà sí mi. Ó ní, "Màdáámù, irú èèyàn tí ẹ jẹ́ ni pásítọ̀ kọ síbí. Ibi tí owó gbà ni àwa ń wá."

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi dé Ọ̀wẹnà. Nígbà tí mo wọlé, ọmọ iṣẹ́ mi bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ fún un. Kò sọ̀rọ̀. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé náà jáde. Kò tíì dá a dúró. Ó kàn ń kọ ọ́ nígbà tí mi ò sí nítòsí.

Ìwé yẹn ni mo fi mọ ohun tí ẹ̀bẹ̀ sí báńkì jẹ́. Ẹ̀sùn méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ mi, mo sì ti dà wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé mo rú òfin aṣojú: mo san ju iye tí wọ́n là kalẹ̀ lọ, mo sì lo àkáńtì tí kì í ṣe ti iṣẹ́. Òótọ́ ni èyí. Èkejì ni pé mo bá olè pín owó. Irọ́ ni èyí. Nígbà tí mò ń gbìyànjú láti bo àkọ́kọ́, èkejì ni mò ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, nítorí ohun kan ṣoṣo tó lè fi hàn pé mi ò bá olè pín owó ni pé iṣẹ́ pí-ó-ẹ́sì ni mo fi owó náà ṣe. Mo ní láti jẹ́wọ́ èyí tí mo ṣe kí n tó lè bọ́ nínú èyí tí mi ò ṣe.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá mo kọ lẹ́tà tuntun. Ojú ewé kan àtààbọ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo kọ pé lẹ́tà mi ti ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá kì í ṣe òótọ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Mo kọ òfin tí mo rú ní gbólóhùn méjì, mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ni mo to ohun tó ṣẹlẹ̀ láti aago dé aago, mo sì fi nọ́ńbà sí ìwé kọ̀ọ̀kan tó gbè é lẹ́yìn: "Ẹ wo ìwé 1," "Ẹ wo ìwé 2." Ní ìparí ni mo kọ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, màá sọ ìyẹn láìpẹ́.

Ìwé àkọ́kọ́ ni rìsíìtì owó tó wọlé. Ẹni tó bá ń fi owó ránṣẹ́ láti báńkì kan sí èkejì ní Nàìjíríà, nọ́ńbà kan máa ń wà lórí rìsíìtì náà tí wọ́n kọ `Session ID` sí iwájú rẹ̀. Ọgbọ̀n díjíìtì ni. Èyí ni bí tèmi ṣe rí, mo fi X bo èyí tí kò kan ẹnikẹ́ni:

```
XXXXXX251114103642XXXXXXXXXXXX
```

Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí báńkì tí owó ti wá. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ àti aago: ọdún 25, oṣù 11, ọjọ́ 14, aago 10, ìṣẹ́jú 36, ìṣẹ́jú àáyá 42. Méjìlá tó kù ń ya owó náà sọ́tọ̀ láàárín àwọn owó yòókù. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà yìí, àṣírí rẹ̀ yóò tú, nítorí báńkì méjèèjì ló ní in lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi lágbára ju àwòrán ojú fóònù tí mo kọ́kọ́ mú lọ, èyí tí apá òkè rẹ̀ ti gé kúrò. Bí àwòrán bá gé nọ́ńbà yẹn dànù, iye owó àti orúkọ nìkan ló kù, ẹnikẹ́ni sì lè fi fóònù ṣe irú rẹ̀.

Ìwé kejì ni ojú ewé ti ọjọ́ 14 nínú ìwé ọmọ iṣẹ́ mi. Aago 10:41 ló kọ síbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ lẹ́yìn tí owó wọlé. Mo fẹ́ ya ojú ewé náà jáde kí n fi ránṣẹ́, ọmọ náà ní rárá. Ó ní bí a bá fa ojú ewé kan yọ, wọn yóò ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ ni. A ya àwòrán ojú ewé ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbé odindi ìwé náà lọ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Bíírò aláwọ̀ búlúù ló fi kọ ọjọ́ kan, dúdú ló fi kọ òmíràn, epo àkàrà sì wà lára ojú ewé kan. Ọ̀gá náà fi ìka tọ́ àwọn ojú ewé náà wò fún ìgbà pípẹ́.

Ìwé kẹta ni àkọsílẹ̀ ìpè inú fóònù ṣọ́ọ̀bù: a pe nọ́ńbà kan náà ní 10:40 ọjọ́ náà. Nọ́ńbà fóònù ní Nàìjíríà gbọdọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni tó ni ín lẹ́yìn, nítorí náà ọlọ́pàá ní ibi tí wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ olè, mi ò ní fíláàṣì rẹ̀ kí n sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé kẹrin ni ìṣirò, òun ló sì dáhùn ìbéèrè tó wà nídìí gbogbo rẹ̀: ṣé owó náà dúró lọ́wọ́ mi? Mo tẹ ìwé àkáńtì mi jáde. Owó tó kù lọ́wọ́ láti ọjọ́ tó ṣáájú jẹ́ ₦35,000. Ní àárọ̀ ọjọ́ 14, mo ra owó ₦400,000 lọ́wọ́ oníṣòwò kan nínú ọjà, mo sì tiransifá fún un, báńkì rí ìyẹn nínú ìwé. Àròpọ̀ jẹ́ ₦435,000. Àwọn oníbàárà mìíràn fi ₦120,000 ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ náà, mo yọ ₦2,400, mo san ₦117,600 fún wọn. Ọkùnrin náà gba ₦274,400. Ó ku ₦43,000. Iye tí ọmọ iṣẹ́ mi kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ẹjọ́ ń bọ̀, ni ₦43,000.

Ní ti ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún, mo ti béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀gá náà kí n tó kọ lẹ́tà kejì: ta ló ní kí wọ́n tì í, ṣé àṣẹ ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, iye wo gan-an ni wọ́n ń bá mi jà lé lórí. Àwọn ìbéèrè yìí ló ń sọ ibi tí èèyàn yóò gbé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ ló pàṣẹ, báńkì ò lè tú u, lọ́yà ni yóò lọ bá ilé ẹjọ́ náà. Kò sí àṣẹ ilé ẹjọ́ nínú tèmi, ìwé báńkì sí báńkì ni. Iye tí wọ́n ń jà lé lórí sì jẹ́ ₦280,000, kì í ṣe ₦612,000. Nítorí náà mi ò kọ pé kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀. Mo kọ pé kí wọ́n di ₦280,000 mú títí ìwádìí yóò fi parí, kí wọ́n sì ṣí èyí tó kù. Báńkì lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn fún wọn ju kí wọ́n dá mi láre pátápátá lọ.

Mo ní kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ báńkì àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà tèmi, mo sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ìgbà àkọ́kọ́, mi ò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì, ó sì dà bí ẹni pé mi ò kọ̀wé rí. Báńkì ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni èèyàn lè gbé e dé Báńkì Àpapọ̀, ní ẹ̀ka tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Bí èèyàn bá lọ ṣáájú, wọn yóò kàn dá a padà sí báńkì rẹ̀ ni. Nígbà tó di ọjọ́ 18 tí mi ò gbọ́ nǹkan, mo fi gbogbo ìwé náà ránṣẹ́ ní ọjọ́ 19 sí `cpd@cbn.gov.ng`, mo sì mú ẹ̀dà lọ sí ẹ̀ka wọn ní Àkúrẹ́. Mo kọ nọ́ńbà ẹ̀sùn sí òkè lẹ́tà. Mi ò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ohun tí mo ti kọ sí báńkì, nítorí wọn yóò fi méjèèjì wé ara wọn.

Ọjọ́ àjọ pé kí Kérésìmesì tó dé, owó ò sí. Mo kúnlẹ̀ fún àwọn ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sọ ohun tí mo ṣe fún wọn. Ẹnì kan nínú wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 2026, báńkì pè mí. Wọ́n ṣí àkáńtì náà, wọ́n di ₦280,000 mú. ₦332,000 ló jáde. Mo yá ₦18,000 lé e, mo sì san owó àjọ tán lọ́jọ́ kan náà, ₦350,000 láìku kọ́bọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ mi gba ẹ̀rọ náà fún oṣù mẹ́ta nítorí òfin tí mo jẹ́wọ́ pé mo rú. Ohun tí mò ń sá fún ló dé bá mi gan-an, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí mo ṣe é. ₦280,000 ṣì wà ní dídìmú bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọlọ́pàá ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi, wọ́n sì ti gba nọ́ńbà fóònù ọkùnrin náà. Mò ń ronú nípa obìnrin tí wọ́n kó owó rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí owó náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò ní bá a jà.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà padà dé, mo yọ páálí iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sun ún. Mo ra ìwé tuntun onípáálí líle ní ọjà, mo gbé e fún ọmọ iṣẹ́ mi, mo sì bẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, mo ní kó má bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìwé náà, ó fi rúlà fa ìlà márùn-ún: aago, iye, orúkọ orí àlẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà fóònù, ìbuwọ́lùwé. Oníbàárà kan wọlé, ó tiransifá owó, ó ní òun ń kánjú, òun ò lè dúró kọ nọ́ńbà. Ọmọ náà wo ojú mi.

Mo ní kó dá owó rẹ̀ padà fún un.